Bí A Ṣe Ń Sọ Tíìmù Kúìsì Lórúkọ: Ẹ̀rín Lókè, Ọpọlọ Nísàlẹ̀

Orúkọ tíìmù kúìsì tó bá dáa máa ń ní ìpele méjì. Ìpele àkọ́kọ́ ni gbogbo gbọ̀ngàn máa gbọ́ tí wọ́n á fi bú sẹ́rìn-ín, títí kan ọmọ tó kàn tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wòran. Ìpele kejì, ẹni tó fetí sílẹ̀ ní kíláàsì ló máa yé, òun ló sì máa mi orí pé àwọn wọ̀nyí mọ nǹkan. Orúkọ tó ní ìpele àkọ́kọ́ nìkan, orúkọ aláwàdà ni. Èyí tó ní ìkejì nìkan, àkọlé orí ìwé ni. "Àwọn Ọlọ́gbọ́n" kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín rí, "Àwọn Aláriwo" kò sì jọ ẹni tó kàwé.

Orúkọ tí a fi Yorùbá ṣe ni ọ̀rọ̀ wa níbí. Àwọn tíìmù sábà máa ń sá lọ sí èdè òkèèrè bí wọ́n bá fẹ́ kí orúkọ wọn dún bí ti ọ̀mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ohùn èdè yìí àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gírámà kún fún àwàdà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó ọ̀rọ̀ jọ kí ẹ tó wá orúkọ

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ pín in sí òpó mẹ́ta. Ogún ìṣẹ́jú tó fún iṣẹ́ yìí. Ní òpó àkọ́kọ́, ẹ kọ òtítọ́ nípa tíìmù yín: ẹ mélòó ni yín, kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù, àléébù wo ni gbogbo yín jọ ní. Ní òpó kejì, kí olúkúlùkù ṣí nóòtì rẹ̀, kó fa ọ̀rọ̀ mẹ́wàá yọ láti inú iṣẹ́ tó bá wù ú: igun, òdo, ipá, ìwọ̀n, pílánẹ́ẹ̀tì, ohùn, ọ̀rọ̀-ìṣe, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òpó kẹta wà fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́: ẹranko, aṣọ, nǹkan inú kíláàsì, ìwà ènìyàn.

Ẹ má dárúkọ kankan lásìkò yìí. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn lẹ máa mú, ohun tó kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn náà ló sì kọ́kọ́ wá sí tíìmù mẹ́ta mìíràn lọ́kàn: kìnnìún, ìràwọ̀, akọni, àti Áíńsítáìnì Kékeré.

Òpó àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń kánjú kọjá, òun ló sì ṣe pàtàkì jù, torí inú òtítọ́ ni ẹ̀rín ti ń jáde. Bí tíìmù yín bá máa ń rántí ìdáhùn lẹ́yìn tí aago bá ti dún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá máa ń jiyàn títí àsìkò á fi tán, ẹ kọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ìbéèrè tí àwọn ẹlòmíràn kùnà lẹ fi ń rí máàkì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, a máa padà sórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ méjì ti kọlu ara wọn

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ohùn. Ọ̀rọ̀ méjì lè ní lẹ́tà kan náà, kí ohùn wọn yàtọ̀, kí ìtumọ̀ wọn sì jìnnà síra bí òkè àti ilẹ̀. Ẹ wo *ọpọlọ*, tó jẹ́ ohun tí a fi ń ronú, àti *ọ̀pọ̀lọ́*, ẹranko tó ń fò pọ́ńgán lẹ́bàá omi. Ẹ̀fẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì ti pẹ́, gbogbo ọmọ kíláàsì ló sì ti gbọ́ ọ. Ohun tí wọn kì í sábà ṣe ni kí wọ́n fi méjèèjì sínú orúkọ kan ṣoṣo: Ọ̀pọ̀lọ́ Ọlọ́pọlọ.

Ẹ kíyè sí ìdí tí èyí fi ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá pe ara yín ní "Ọ̀pọ̀lọ́" nìkan, ẹ ń retí kí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ lọ wá ọ̀rọ̀ kejì. Ìdajì wọn kò ní wá a, wọ́n á kàn rò pé ẹ fẹ́ràn ẹranko. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ méjèèjì síwájú rẹ̀, etí rẹ̀ ló máa ṣe ìyókù. Òfin tí mo gbà pé ó ṣe kókó jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn: àwàdà ohùn gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì rù nínú orúkọ kan náà.

*Ọgbọ́n* àti *ọgbọ̀n* náà ń bẹ nílẹ̀, èyí àkọ́kọ́ ni ti orí, èkejì jẹ́ ogún lé mẹ́wàá. Ọgbọ́n Ju Ọgbọ̀n dùn létí, ó sì tún ní ẹ̀bùn kan tó fi pa mọ́: lọ́jọ́ tí máàkì yín bá kan ọgbọ̀n, olùbéèrè á ní láti kà á jáde pé "Ọgbọ́n ju ọgbọ̀n, ọgbọ̀n." Gbọ̀ngàn á wó. Àmọ́ ẹ̀bùn yìí náà ló jẹ́ ewu rẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni òfin inú ìwé tó dún bí ìhàlẹ̀. Òfin kẹta ti Níútìnì, tó tẹ̀ jáde ní 1687, sọ pé bí nǹkan kan bá ti òmíràn, èyí tí a tì náà á ti ẹni tó tì í padà pẹ̀lú ipá tó dọ́gba, ní ìhà òdìkejì. Ẹ bọ́ aṣọ ìwé lára rẹ̀, ó di Ẹ Tì Wá, A Tì Yín. Ẹni tí kò ka físíìsì rí á gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wájà, ẹni tó kà á á gbọ́ Níútìnì. Bí ẹ bá fìdí rẹmi, àwọn alátakò á ní ẹ ò tì wọ́n padà. Èsì tó wà nílẹ̀ fún wọn nìyí: "Ipá dọ́gba, ìwọ̀n ni kò dọ́gba." Òótọ́ físíìsì sì ni, torí bí ipá bá dọ́gba, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré ló máa sún jù. Orúkọ tó ní èsì lápò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bọ́.

Ọ̀nà kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ méjì. Inú gírámà lẹ ti máa rí i jù. Nínú àkọtọ́ Yorùbá, ohùn òkè ní àmì, ohùn ìsàlẹ̀ ní àmì, ṣùgbọ́n a kì í sábà fi àmì sórí ohùn àárín. Bẹ́ẹ̀ àmì náà ni ohun tí a ń gbà nínú ìdíje. Tíìmù tó bá pe ara rẹ̀ ní Ohùn Àárín ti fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi wọ́n ṣe é: àwa ni wọn kì í fún ní àmì. Olùkọ́ Yorùbá kan lè dìde pé a máa ń fi àmì ohùn àárín sórí kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù nígbà mìíràn. Ẹ dá a lóhùn pé ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń retí.

Láti inú ilé kan náà ni Arọ́pò-Orúkọ ti wá. Kò sí orúkọ tó bá tíìmù kejì ilé ẹ̀kọ́ mu jù ú lọ, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń pè bí àwọn àgbà ibẹ̀ kò bá lè wá. Ọ̀rọ̀ gírámà ni, òun náà sì ni iṣẹ́ wọn gan-an.

Ọ̀nà kẹrin kò le, ẹ ó gbé nǹkan ga, ẹ ó sì já a lulẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n Péńpé jẹ́ àpẹẹrẹ, láti inú "Ọ̀jọ̀gbọ́n Oníṣòkòtò Péńpé" tó gùn jù. Ìrántí Lẹ́yìn Aago wà nínú ìdílé yìí pẹ̀lú, fún àwọn tí ìdáhùn máa ń ṣí sí lórí nígbà tí kò wúlò mọ́. Ọ̀nà yìí ló máa ń yá jù, òun náà ni ọpọlọ inú rẹ̀ máa ń tín-ín-rín jù. Ẹ fi pa mọ́ fún ìgbà tí àwọn yòókù bá kọ̀.

Orúkọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká gbé tíìmù kan kalẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n. Ọwọ́ wọn kò yá lórí aago, àwọn mìíràn ló máa ń tẹ̀ ẹ́ ṣáájú wọn. Àmọ́ bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá kùnà tí ìbéèrè sì di bónọ́ọ̀sì, àwọn ló máa ń mú un. Òpó àkọ́kọ́ wọn wá sọ pé: mẹ́ta, a ń pẹ́, ohun tí àwọn ẹlòmíràn jù sílẹ̀ là ń ṣà. Ní òpó kejì, ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ràn jiọ́mẹ́tírì kọ onígun mẹ́ta, òbìrìkìtì àti ìlà. Ní òpó kẹta, wọ́n kọ ológbò, ìgbín, igún àti ṣáàkì.

Wọ́n kọ́kọ́ mú "Àwọn Onígun Mẹ́ta". Ó bá iye wọn mu, ó ní ìwé nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò sí níbẹ̀. Wọ́n wá gbìyànjú "Àwọn Igún", nítorí ẹyẹ tó ń jẹ ohun tó ṣẹ́kù ni. Ẹ̀rín dé, ìwé lọ. Ẹnì kan wá rí i pé *igun* àti *igún*, ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n, ló bá ní "Igún Mẹ́ta". Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ tíìmù máa ń dúró sí, tí wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Kò tíì tó. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn kò ní gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn òkè kan péré láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹyẹ mẹ́ta náà sì ni gbogbo ohun tí ẹni tó bá gbọ́ ọ dáadáa máa rí.

Ẹ rántí òfin: kí ọ̀rọ̀ méjèèjì wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé Igún Onígun Mẹ́ta nìyẹn. Ẹyẹ náà wọlé, jiọ́mẹ́tírì wọlé, iye wọn wọlé, ọgbọ́n tí wọ́n ń dá nínú ìdíje náà sì wọlé, gbogbo rẹ̀ nínú sílébù méje. Wọ́n tiẹ̀ rí gbólóhùn ìdánilárayá mú jáde lára rẹ̀: "Ọgọ́sàn-án ni gbogbo igun wa," torí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú onígun mẹ́ta orí bébà pẹlẹbẹ máa ń jẹ́ dìgírì 180 bí a bá rò wọ́n pọ̀.

Ibi tó lè ti dí wọn lọ́wọ́ ni olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́. Igún kì í ṣe ẹyẹ tí gbogbo ènìyàn fẹ́ kí ọmọ máa fi ṣe orúkọ. Bó bá kọ̀, kí wọ́n má bá a jiyàn, kí wọ́n gbé Ọ̀pọ̀lọ́ Ọlọ́pọlọ síwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá ọ̀pọ̀lọ́ ṣọ̀tá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dán an wò kó tó dé gbọ̀ngàn

Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kí ẹ dín orúkọ tó wà lọ́wọ́ yín kù sí, kí ẹ wá fi àwọn ìdánwò yìí wò wọ́n.

Èkíní ni ìdánwò ẹnu. Ká ní ìdíje kan ní abala márùn-ún, tí tíìmù kọ̀ọ̀kan ń gba ìbéèrè méjì ní abala kan, tí wọ́n sì ń ka máàkì lẹ́yìn abala kọ̀ọ̀kan. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni olùbéèrè máa dárúkọ yín, láìka bónọ́ọ̀sì. Bí orúkọ bá gùn, nígbà tó bá fi di abala kejì, òun fúnra rẹ̀ ló máa gé e, ibi tó bá sì wù ú ló máa gé. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Oníṣòkòtò Péńpé" á di "Ọ̀jọ̀gbọ́n", àwàdà yín á sì kú síbẹ̀. Ẹ fi mọ sílébù mẹ́jọ, ẹ fún ẹni tí kò sí nínú tíìmù, kó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ̀ léra. Ibi tí ahọ́n rẹ̀ bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí.

Èkejì ni ìdánwò pátákó máàkì, ó sì ti pa orúkọ dáadáa púpọ̀. Ẹ má fi nǹkan tó lè jọ máàkì parí orúkọ. "Mẹ́ta" inú Igún Onígun Mẹ́ta kò jọ ọ́, torí ara "onígun mẹ́ta" ni. "Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún", ìyẹn 99, jẹ́ orúkọ tó dùn fún tíìmù tó máa ń fi díẹ̀ ṣòfò, ṣùgbọ́n bí olùbéèrè bá ní "Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ogójì," akọ̀wé máàkì kò ní mọ èwo ló yẹ kó kọ. Bí àríyànjiyàn bá dé ní ìparí, orúkọ yín ló dá a sílẹ̀. Ewu tí mo ní a ó dé nípa Ọgbọ́n Ju Ọgbọ̀n nìyẹn. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe nọ́ńbà kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀: Ọgbọ́n Ju Ọgbọ̀n Lọ. "Lọ" yẹn ló ń sọ fún akọ̀wé pé orúkọ ti parí, máàkì ló kù. Bákan náà ni Òdo Apá Ọ̀tún. Òdo tó wà lápá òsì nọ́ńbà kò ní láárí, 05 kò ju 5 lọ. Gbé e sápá ọ̀tún, 5 di 50. Orúkọ tó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ tó sì ń yangàn lẹ́ẹ̀kan náà ni, "ọ̀tún" tó sì wà níparí kò jẹ́ kó dàrú mọ́ máàkì.

Ìdánwò òtítọ́ ló kàn. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn kúìsì ni àwọn ènìyàn tó burú jù láti ṣàṣìṣe níwájú wọn. Tíìmù ẹni méjì kan lè fẹ́ sọ pé àìmọ̀ méjì wọn ló di ìmọ̀, bí òdì àti òdì ṣe ń di rere nínú ìṣirò, kí wọ́n wá pe ara wọn ní "Òdì Pàdé Òdì". Ẹnì kan á dìde béèrè pé ṣé àròpọ̀ ni pípàdé náà. Bó bá jẹ́ àròpọ̀, −3 àti −2 á di −5, wọ́n á kàn túbọ̀ burú sí i ni. Ìlọ́po ló ń sọ ọ́ di rere: −3 lọ́nà −2 jẹ́ 6. Òdì Lọ́nà Òdì ló tọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Pílánẹ́ẹ̀tì Mẹ́sàn-án" ti di àṣìṣe láti 2006, nígbà tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé pinnu pé Plútò kò sí lára àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ńlá mọ́, tí wọ́n sì ku mẹ́jọ. Àmọ́ ẹ lè jẹ ìgbádùn ara ìpinnu náà. Plútò Ń Bẹ̀bẹ̀ bá tíìmù tí wọ́n lé jáde nínú ìdíje tó kọjá, tó sì tún padà wá, mu gan-an.

Ìdánwò ìjákulẹ̀ wá tẹ̀ lé e. Kí ẹnì kan dúró níwájú, kó sọ ọ́ sókè pé: "Ẹni tó ṣe ìkẹyìn lónìí ni …" kó sì fi orúkọ yín parí rẹ̀. Orúkọ tó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ á ṣì dùn. Orúkọ tó ń fọ́nnu, bíi "Aláìlálátakò", á di ẹ̀sín, ẹ̀rín tí wọ́n á sì rín kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń wá. Ẹ tún fi "Ẹni tó gba ipò kìíní ni …" dán an wò, torí orúkọ kan wà tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ jù débi pé ìṣẹ́gun ò bá a mu. Ohùn Àárín yege nínú méjèèjì: bó bá pàdánù, wọn kò fún un ní àmì, bó bá borí, ohùn àárín ti gba àmì lónìí.

Èyí tó kù kò nílò àlàyé púpọ̀. Orúkọ kò gbọ́dọ̀ bú ìrísí ara ẹnikẹ́ni, ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí olùkọ́, kò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ bá jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì yín nìkan, ẹ fi í sílẹ̀ fún kíláàsì yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí wọ́n á ṣe kọ ọ́ àti bí wọ́n á ṣe pè é

Orúkọ tó gbára lé ohùn kú bí wọ́n bá kọ ọ́ láìsí àmì. "Igun Onigun Meta" lórí pátákó, igun lásán ni. "E ti wa, a ti yin" tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá kà á láìmọ̀ lè sọ pé "Ẹ ti wá, a ti yìn," Níútìnì á sì di ẹni tó ń kí àlejò káàbọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ ránṣẹ́ nínú fọ́ọ̀mù kí ẹ sì gbà pé iṣẹ́ parí.

Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ mọ ibi tí wàhálà ti ń wá. Lẹ́tà *ọ* ní kóòdù tirẹ̀, U+1ECD, *ẹ* sì jẹ́ U+1EB9. Ṣùgbọ́n kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún *ọ́* tó ní àmì ohùn lórí àti àmì kékeré lábẹ́ pa pọ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń tẹ *ọ*, á wá fi àmì U+0301 lé e lórí. Fọ́ńtì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń to méjèèjì pọ̀ á ti àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí kó ya àpótí kékeré sí ipò rẹ̀. Ẹ lè rí i lójú ẹsẹ̀: bí àmì bá ń léfòó láàárín lẹ́tà méjì, fọ́ńtì ló jẹ̀bi, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹni tó máa tẹ káàdì tàbí aṣọ tíìmù, ẹ sọ orúkọ náà di àwòrán, kó má baà di pé ẹ̀rọ tiẹ̀ tún àmì náà tò bó ṣe wù ú.

Fún olùbéèrè, ẹ kọ káàdì kékeré kan lọ́wọ́, kí ẹ fún un kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tó bá ti dé ìdí ẹ̀rọ. Ìlà méjì tó. Ìlà àkọ́kọ́ ni orúkọ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ìlà kejì ni ohun tó máa ràn án lọ́wọ́ láti pè é, bíi: "Igún bíi ti ẹyẹ, onígun bíi ti jiọ́mẹ́tírì." Ẹ ní kó pè é fún yín lẹ́ẹ̀kan. Bó bá fi ẹ̀rín sí i fúnra rẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́. Ẹ má ní kó ṣàlàyé àwàdà náà fún gbọ̀ngàn, àwàdà tí a bá ṣàlàyé kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́. Káàdì iwájú tábìlì yín lẹ fi ìpele kejì sí, ní lẹ́tà kéékèèké lábẹ́ orúkọ: "180°" fún igún, "5 → 50" fún òdo, tàbí ọ̀pọ̀lọ́ kan tó wọ awò ojú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á wò ó.

Bí ẹ bá ń fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣètò ìdíje, ẹ kọ orúkọ méjì, kí ìkejì jẹ́ láti inú ọ̀nà tó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Bí tíìmù mìíràn bá ti mú Ọ̀pọ̀lọ́ Ọlọ́pọlọ, tí ìkejì yín náà sì jẹ́ àwàdà ohùn lórí *ọpọlọ*, ṣe lẹ máa jọ ẹni tó wo ìwé ẹlòmíràn nínú ìdánwò. Ẹni tó bá fi Ọ̀pọ̀lọ́ Ọlọ́pọlọ ṣáájú, kó fi Òdì Lọ́nà Òdì tì í lẹ́yìn, tàbí Arọ́pò-Orúkọ, tó máa bá orúkọ kejì mu lọ́jọ́ kọ́jọ́.